APT fún mi ní 19.7%, CAPM fún mi ní 21.6%, èwo ni kí n gbà?
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará mi, Kubwa níbí ni mo ti ń kàwé fún ìdánwò, ìṣirò kan ti dá mi dúró látàná. Tírẹ́ṣọ̀ bíìlì ń san 15%. Fákítọ̀ mẹ́ta ló ń ti ṣíà tí ìbéèrè náà dá lé: epo rọ̀bì, bẹ́tà ẹ̀ 0.8, èrè ewu ẹ̀ 5%. Ọ̀wọ́ngógó ọjà, 0.5 àti 3%, dọ́là, -0.4 àti 2%. Mo ṣe é báyìí:

```
15 + 0.8(5) + 0.5(3) - 0.4(2) = 19.7
```

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ́kọ́ yọ 15 kúrò nínú 5, 3 àti 2, mo gbìyànjú ẹ̀, 6.2% ló jáde, ó tún kéré sí ti tírẹ́ṣọ̀ bíìlì, ọkàn mi ò gbà á rárá torí èrè ewu ni wọ́n pè wọ́n, wọ́n ti yọ 15 yẹn tẹ́lẹ̀. CAPM ni mo ti yọ ọ́, torí èrè ọjà lódindi ni 21, bẹ́tà ṣíà náà sí ọjà sì jẹ́ 1.1:

```
15 + 1.1(21 - 15) = 21.6
```

Ṣé mo tọ̀nà? Ohun tó wá ń dà mí láàmú jù ni pé ìbéèrè ní ṣíà yẹn máa mú 20.5% wá. Tá a bá fi APT wò ó, ó pọ̀ ju 19.7 lọ, ká rà á, CAPM ní kò tó 21.6, ká fi sílẹ̀. Èwo ni kí n tẹ̀ lé, kí sì ni kí n kọ pé ó fà á?