Ọjọ́ inú Excel mi kò jìnnà síra bó ṣe yẹ lórí ṣáàtì

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìkòròdú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwọ̀n ẹja àrọ̀ inú adágún ni mò ń kọ sínú Excel. Mo ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù, gíráàmù ló sì wà lápá ọ̀tún:

```
05/03/2024   18
12/03/2024   26
19/03/2024   37
02/04/2024   68
30/04/2024   190
```

Ọjọ́ 7 ló wà láàárín ìkíní àti ìkejì, 7 sí ìkẹta, 14 sí ìkẹrin, 28 sí ìkarùn-ún. Àmọ́ lórí ṣáàtì, bákan náà ni gbogbo wọn ṣe jìnnà síra. Ìlà ìgbẹ̀yìn wá ga fíofío, àfi bíi pé ẹja náà ṣàdédé wú. Kí ni kí n ṣe?

Akọ̀wé Ìgbógbó
Mà, ọ̀rọ̀ lásán ni Excel ka ọjọ́ yín sí. Ẹ mú gbogbo òpó náà, ẹ lọ sí Format Cells, ẹ yan Date. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìlà ìsàlẹ̀ ṣáàtì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wo Axis Type, ẹ yan Date axis.

Oníṣọ́ọ̀bù Àgbádárìgì
Irú rẹ̀ ṣe mí rí. A kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú, àyè òfìfo wá ń hàn lórí ṣáàtì. Text axis ni mo yàn tí gbogbo rẹ̀ fi sún mọ́ra. Ẹ yan ìyẹn, mà.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìkòròdú
Mo ti ṣe ti Akọ̀wé. Òpó kò yí padà rárá, ìsàlẹ̀ ṣáàtì sì ti di 1/1/1900, 1/2/1900, títí dé 1/5/1900.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Ẹpẹ
Ẹ má yan Text axis, mà. Ohun tí ẹ ń sá fún gan-an nìyẹn. Akọ̀wé mọ àrùn náà, oògùn rẹ̀ ni kò bá a mu. Format Cells kàn ń pààrọ̀ ìrísí nọ́ńbà ni, kò lè sọ ọ̀rọ̀ di ọjọ́. Tí ẹ bá sì fi agbára yan Date axis nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú òpó, Excel á ka àwọn ìlà yín ní 1, 2, 3, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 1900.

Ẹ wo òpó yẹn dáadáa. Mo rò pé ẹ máa rí 5/3/2024, 12/3/2024 àti 2/4/2024 lápá ọ̀tún sẹ́ẹ̀lì, tí òdo iwájú wọn ti já. 19/03/2024 àti 30/04/2024 á wà lápá òsì, pẹ̀lú òdo wọn. Ìlànà Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà yín ń tẹ̀ lé, oṣù ló ń kà ṣáájú. Kò sí oṣù 19, kò sí oṣù 30, ló bá fi méjèèjì sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Mẹ́ta yòókù ló léwu jù, torí ó gbà wọ́n, àmọ́ òdì ló kà wọ́n: 5/3 ti di ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, 12/3 ti di ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá.

Ẹ fi òpó tuntun sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ kọ èyí sí i, kí ẹ sì fà á wá sísàlẹ̀:

```
=IF(ISNUMBER(A2),
 DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2)),
 DATE(RIGHT(TRIM(A2),4),MID(TRIM(A2),4,2),LEFT(TRIM(A2),2)))
```

Tí ẹ bá sọ òpó tuntun náà di General, ó yẹ kó jẹ́ 45356, 45363, 45370, 45384, 45412. Ẹ yọ wọ́n kúrò lára wọn, 7, 7, 14, 28 ló máa jáde. Ẹ wá dá a padà sí Date, kí ṣáàtì máa ka òpó yìí. Kí Axis Type jẹ́ Date axis, kí Base sì jẹ́ Days. Tó bá jẹ́ Months, ìwọ̀n mẹ́ta ti oṣù Kẹta máa tò lé ara wọn lójú kan.

Ìlà ìgbẹ̀yìn á ṣì ga. Òótọ́ ni ìyẹn, torí ẹja yín fi bíi gíráàmù 2.2 kún lójúmọ́ nínú ọjọ́ 14 yẹn, ó sì tó 4.4 nínú ọjọ́ 28. Ìlọ́po méjì ni. Ṣáàtì àkọ́kọ́ ló sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìkòròdú
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òdo náà já! Nọ́ńbà márààrún bára mu, ṣáàtì ti tọ́. Ẹ ṣeun púpọ̀, Bọ̀dá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mìíràn ni wọ́n ti kọ 07/05/2024 sínú fáìlì kan náà. Òpó tuntun sọ ọ́ di ọjọ́ 5 oṣù Keje.

Akọ̀wé Ìgbógbó
Ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà yẹn máa ka ọjọ́ ṣáájú, kó jẹ́ pé ó tọ́ tẹ́lẹ̀ kí fọ́múlà tó yí i.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Ẹpẹ
Ó ṣeé ṣe. Excel kì í fi àmì sí i pé ìlànà báyìí ni wọ́n fi kọ ọ́, torí náà fọ́múlà kò lè mọ̀. Ọjọ́ 7 sí 30/04 ni àbí ọjọ́ 66? Ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí létí adágún nìkan ló lè dáhùn. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ báyìí: 2024-05-07. Ìlànà Amẹ́ríkà àti ti ọ̀dọ̀ wa, bákan náà ni wọ́n ń kà á.

Oníṣọ́ọ̀bù Àgbádárìgì
Tí èèyàn bá wọn ẹja láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ńkọ́?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, Ẹpẹ
Date axis kò mọ ohun tó kéré sí ọjọ́ kan. Scatter ni kẹ́ ẹ lò fún ìyẹn. Àmọ́ tí ọjọ́ kan ṣoṣo bá ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀, Scatter náà á padà sí 1, 2, 3.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìkòròdú
Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá ìwé náà. Tí mo bá rí i, màá kọ ọ́ síbí.