«Gbòǹgbò onílọ́po méjì», fẹ́kítọ̀ òdo, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àsáìmẹ́ǹtì Fọlákẹ́

Fọlákẹ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Nóòtì lórí mátíríìsì ni mò ń kọ lédè Yorùbá. Mo pe áígìnfálù, ìyẹn nọ́ńbà λ tó ń jẹ́ kí mátíríìsì lọ́nà fẹ́kítọ̀ kan dọ́gba pẹ̀lú λ lọ́nà fẹ́kítọ̀ yẹn, ní «iye àdámọ́», mo pe fẹ́kítọ̀ tó bá a rìn ní «fẹ́kítọ̀ àdámọ́», gbòǹgbò tó bá sì wá lẹ́ẹ̀mejì, mo pè é ní «gbòǹgbò onílọ́po méjì». Èyí ni mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe nílé, kí wọ́n wá iye àdámọ́ àti fẹ́kítọ̀ àdámọ́ rẹ̀:

```
2 1 1
1 2 1
1 1 2
```

Àwọn kan kọ 2 àti 4, wọ́n ní fẹ́kítọ̀ ti 2 ni (0, 0, 0). Àwọn míì kọ 1 àti 4 péré. Ṣé ọ̀rọ̀ tí mo lò ló ṣì wọ́n lọ́nà ni, àbí ìṣirò gan-an ni ò yé wọn?

Bọ̀dá Àlàó:

Fọlákẹ́, àwọn tó kọ 2 yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ ló mú wọn. Létí ẹni tó ń sọ Yorùbá, ìlọ́po méjì 1, 2 ni, kò sí àlàyé míì. Ìdọ́gba tó jáde látinú mátíríìsì yẹn ni (λ − 1)²(λ − 4) = 0, o wá kọ ọ́ sí nóòtì pé 1 jẹ́ gbòǹgbò onílọ́po méjì, ọmọ náà kà á, ó sọ 1 di 2, mi ò sì lè bá a wí nítorí ohun tí èdè sọ fún un ló ṣe.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo lè bá a wí. Ó yọ 2 kúrò lára nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó wà lórí dáyágónà, ó sì rí èyí:

```
0 1 1
1 0 1
1 1 0
```

Ìyẹn ni pé y + z = 0, x + z = 0, x + y = 0. Látinú èyí àkọ́kọ́, y = −z, látinú ìkejì, x = −z, tó bá wá kó méjèèjì sínú ìkẹta, −2z = 0 ló máa rí, gbogbo ẹ̀ di òdo. Ibi tó yẹ kó ti dá ọwọ́ dúró nìyẹn. Ìṣirò yẹn ò fún un ní fẹ́kítọ̀ kankan, ńṣe ló ń sọ fún un pé 2 kì í ṣe ti mátíríìsì yìí. Ṣùgbọ́n ó rí (0, 0, 0), ó rò pé ìdáhùn nìyẹn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọjá.

Ìdí tá ò fi ń gba fẹ́kítọ̀ òdo wọlé ò ju báyìí lọ: kò sí nọ́ńbà tí kò bá mu. Ẹ mú 7, ẹ mú 100, mátíríìsì lọ́nà fẹ́kítọ̀ òdo á fún yín ní òdo, 100 lọ́nà fẹ́kítọ̀ òdo náà á fún yín ní òdo, wọ́n dọ́gba. Tá a bá gbà á wọlé, gbogbo nọ́ńbà ayé ló máa di iye àdámọ́ mátíríìsì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà ò sì ní nítumọ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá yanjú ìdọ́gba tó jẹ́ pé òdo nìkan ló bá níbẹ̀, kó padà lọ wo λ tó mú wá, àṣìṣe wà níbẹ̀, tàbí nínú bó ṣe yọ ọ́ kúrò lórí dáyágónà.

Ó kan ku ìkan. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yẹn ti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò o! Wọ́n máa ń kọ́ wọn pé àròpọ̀ àwọn iye àdámọ́ gbọ́dọ̀ bá àròpọ̀ dáyágónà mu. Dáyágónà rẹ jẹ́ 2 + 2 + 2, ìyẹn 6. Tiẹ̀ náà jẹ́ 2 + 4, 6 náà ni. Ó bá a mu, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Dítámínáǹtì ni ì bá tú u fó, torí tá a bá sọ àwọn iye àdámọ́ di púpọ̀ mọ́ra wọn, òun ló yẹ kó jáde: 4 ni dítámínáǹtì, tiẹ̀ sì jẹ́ 2 × 4, ìyẹn 8. Ẹ wá wo àwọn tó kọ 1 àti 4 péré, òdìkejì ni tiwọn: 1 × 4 bá dítámínáǹtì mu, àmọ́ 1 + 4 jẹ́ 5, kò tó 6. Ẹni tó bá yẹ ẹyọ kan wò tó fi ìkejì sílẹ̀, ó lè má rí nǹkan kan. Tá a bá ka 1 lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe yẹ, 1 + 1 + 4 = 6, 1 × 1 × 4 = 4, méjèèjì á bọ́ sí i.

Ṣẹ́gun:

Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá, èyí yé mi. Èmi tiẹ̀ máa ń gé e kúrú fún wọn ni, mo máa ń ní òdo ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá, ibikíbi tí wọ́n bá ti rí i kí wọ́n pa á rẹ́. Gbòǹgbò tó bá sì wá lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́kítọ̀ méjì ló ní, tí wọn ò bá tíì rí méjì kí wọ́n máa wá a lọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ ká pè é ní «gbòǹgbò ìbejì» nìyẹn, ọ̀rọ̀ wa ni, ọmọdé àtàgbà ló mọ̀ ọ́n, tó bá wá lẹ́ẹ̀mẹta ká pè é ní ìbẹta.

Àǹtí Rónkẹ́:

Ṣẹ́gun, o sọ òótọ́ dé ìdajì. Fẹ́kítọ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ òdo, iye àdámọ́ lè jẹ́ òdo dáadáa. Gbé èyí yẹ̀ wò:

```
1 2
2 4
```

0 àti 5 ni iye àdámọ́ rẹ̀. Ti 0, fẹ́kítọ̀ ẹ̀ ni (2, −1): 1 × 2 pẹ̀lú 2 × (−1) jẹ́ 0, 2 × 2 pẹ̀lú 4 × (−1) náà jẹ́ 0. Fẹ́kítọ̀ yẹn kì í ṣe òdo, ó ní ọ̀nà tó kọjú sí, mátíríìsì yìí ló pa á rẹ́ pátápátá. Tí ọmọ bá tẹ̀ lé ohun tó o sọ, á yọ 0 kúrò, 5 nìkan lá ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ 0 yẹn ló ń sọ fún wa pé kò sí mátíríìsì kankan tó lè dá iṣẹ́ mátíríìsì yìí padà. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an, tí wọ́n ń yọ òdo kúrò torí wọ́n ti dẹ́rù bà wọ́n nípa òdo.

Ti ìbejì, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni méjì ni ìbejì, Táíwò kì í ṣe Kẹ́hìndé. Gbòǹgbò yìí, nọ́ńbà kan náà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sì máa jẹ́ kí wọ́n gbà pé fẹ́kítọ̀ méjì gbọ́dọ̀ wà, èyí tí kì í ṣòótọ́ nígbà gbogbo. Wo èyí:

```
3 1
0 3
```

(λ − 3)² = 0 ni, 3 wá lẹ́ẹ̀mejì. Yọ 3 kúrò lórí dáyágónà, ìlà òkè á ku 0 àti 1, ìsàlẹ̀ á ku òdo méjì. Ohun tó ń sọ ò ju pé y = 0 lọ, x lè jẹ́ ohunkóhun. (1, 0) ni wàá rí, àti àwọn tó wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ẹ̀. Kò sí ìkejì, ọmọ tó o bá ní kó máa wá a lọ á wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú ni, tàbí kó hùmọ̀ ọ̀kan.

Nínú mátíríìsì Fọlákẹ́ ńkọ́? Yọ 1 kúrò lórí dáyágónà, gbogbo rẹ̀ di 1, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń sọ ohun kan ṣoṣo: x + y + z = 0. Ìdọ́gba kan, nǹkan mẹ́ta tá ò mọ̀, méjì nínú wọn la lè yàn bó ṣe wù wá, nítorí náà a rí (1, −1, 0) àti (1, 0, −1). Méjì pé níbẹ̀, torí pé ìlà kọ̀ọ̀kan mátíríìsì yẹn bá òpó rẹ̀ mu, irú mátíríìsì bẹ́ẹ̀, tí nọ́ńbà inú ẹ̀ bá jẹ́ nọ́ńbà gidi, kì í jẹ ẹ́ ní gbèsè fẹ́kítọ̀ láé. Ẹni tó kọ ẹyọ kan sílẹ̀ fún 1, á kàn mọ̀ nígbà tó bá fẹ́ to àwọn fẹ́kítọ̀ náà pọ̀ tó rí i pé òpó méjì péré lòún ní, mẹ́ta ló yẹ.

Kúnlé:

Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ o, mi ò mọ̀ bóyá ohun tẹ́ ẹ ń sọ nìyí, ṣùgbọ́n èmi fi kọ̀ǹpútà ṣe mátíríìsì 3, 1, 0, 3 yẹn, méjì ló fún mi, kì í ṣe ẹyọ kan:

```
import numpy as np
A = np.array([[3, 1], [0, 3]])
np.linalg.eig(A)
```

Òpó méjì ló tẹ̀ jáde. Ṣé kọ̀ǹpútà ló ṣì í ni, àbí gbòǹgbò yẹn ní fẹ́kítọ̀ méjì lóòótọ́?

Àǹtí Rónkẹ́:

O ò já lu ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà gan-an lo mú wá. Wo òpó kejì dáadáa, −1 ló wà lókè ẹ̀, nísàlẹ̀ sì ni nọ́ńbà kan tó kéré débi pé e-16 ló parí sí. Òdo tí kọ̀ǹpútà ò lè ṣírò dé góńgó nìyẹn. (−1, 0) sì rèé, (1, 0) náà ni, ó kàn kọjú sí òdìkejì lórí ìlà kan náà ni. Iye òpó tí iṣẹ́ yẹn máa ń tẹ̀ jáde, iye ìlà mátíríìsì rẹ ni, ì báà jẹ́ pé fẹ́kítọ̀ wà tó ìyẹn tàbí kò tó. Bó o ṣe lè mọ iye tó wà lóòótọ́ nìyí:

```
2 - np.linalg.matrix_rank(A - 3*np.eye(2))
```

1 ló máa fún ẹ.

Ṣẹ́gun:

Ó dáa, mo yọwọ́ nínú ìbejì. Àmọ́ ẹ dákun, nígbà tá a bá ń sọ̀rọ̀ gbogbo ààyè tí iye àdámọ́ kan ní, tá a ní «ààyè àdámọ́», ṣé fẹ́kítọ̀ òdo wà níbẹ̀ àbí kò sí? Torí ìwé tí mo kà fi í síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ní ká lé e jáde.

Bọ̀dá Àlàó:

Ó wà níbẹ̀. (1, −1, 0) wà nínú ààyè ti 1, (−1, 1, 0) náà wà níbẹ̀, ro wọ́n pọ̀, òdo ló dé, ààyè tí ìròpọ̀ bá lè gbé èèyàn jáde kúrò nínú rẹ̀ kì í ṣe ààyè. Ó wà nínú ààyè àdámọ́, kì í ṣe fẹ́kítọ̀ àdámọ́. Mo mọ̀ pé ó le lẹ́nu ní Yorùbá torí pé «àdámọ́» kan náà la lẹ̀ mọ́ méjèèjì, ọmọ á sì rò pé ohunkóhun tó bá ti wà nínú ìkan ló ń jẹ́ ìkejì. Bóyá ká wá orúkọ míì fún ààyè yẹn, mi ò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Fún gbòǹgbò, «ẹlẹ́ẹ̀mejì» lèmi fẹ́: 1 jẹ́ gbòǹgbò ẹlẹ́ẹ̀mejì, 3 jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà ló ń kà, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ kó lọ sọ 1 di 2.

Àǹtí Rónkẹ́:

Ẹlẹ́ẹ̀mejì dáa fún ti ìdọ́gba. Ṣùgbọ́n iye fẹ́kítọ̀ tó wà lóòótọ́, ìyẹn nílò ọ̀rọ̀ tiẹ̀, kò gbọdọ̀ jọ ẹlẹ́ẹ̀mejì rárá, torí 3 yẹn jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀mejì, fẹ́kítọ̀ ẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. «Ìbú ààyè» ni mò ń lò ní tèmi, mo mọ̀ pé Bọ̀dá Àlàó ò fẹ́ràn ẹ̀.

Bọ̀dá Àlàó:

Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́. Ìbú, a fi ń wọn nǹkan tó ní ẹ̀gbẹ́ ni, ààyè yìí ò lópin.

Fọlákẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an ni gbogbo yín. Mo ti yọ «onílọ́po méjì» kúrò nínú nóòtì, «ẹlẹ́ẹ̀mejì» ni mo fi dípò ẹ̀. Àwọn tó kọ 2, mi ò ní yọ máàkì wọn lórí 2 yẹn torí èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, orí (0, 0, 0) ni màá ti yọ ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti mọ̀. Mátíríìsì 3, 1, 0, 3 máa wọ àsáìmẹ́ǹtì tó ń bọ̀, pẹ̀lú 1, 2, 2, 4, kí n lè mọ ẹni tó ń pa òdo rẹ́ níbi tí kò yẹ. Ti «ìbú ààyè», ẹ ṣì máa bá a lọ, mo ti fi àlàfo sílẹ̀ fún un nínú nóòtì.