Ìgbà wo ni àbúrò mi lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí àbúrò mi obìnrin ti ń lo pẹrẹdinisólónì 40 mílígíráàmù lójúmọ́. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ tíì gba abẹ́rẹ́ èèyi: kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè gbilẹ̀ lára ẹni tí oògùn ti dín agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ kù. Ti fúlúù oníkòkòrò òkú àti ti Kòfíìdì onímRNA kò ní kòkòrò ààyè nínú, wọ́n fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ wọn lè má múná tó. Wọ́n ní kó fi oṣù kan, ó kéré tán, sílẹ̀ lẹ́yìn oògùn. Ṣé láti ọjọ́ tó lo èyí tó kẹ́yìn la ó ti kà á, àbí ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù? Èmi tí a jọ ń gbélé ńkọ́, ṣé mo lè gba ti èèyi báyìí? Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.