Ọ̀gá ní ojúsàájú ni máàkì tí mo fún ẹni tó wá ṣe íntáfíù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé Bẹ́kìrì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi. Bẹ́kìrì kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a sì ń wá sítókípà tuntun. Èèyàn mẹ́ta ló wá ṣe íntáfíù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá rìnrìn àjò, èmi ni mo bi wọ́n ní ìbéèrè, mo sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní kí n gbọ́ ohùn náà, kí n fi kọ ìwé máàkì lọ́nà mẹ́rin: àkọsílẹ̀ ọjà, ìṣirò, ohun tí èèyàn máa ṣe bí ọjà bá dín, àti bó ṣe ń bá èèyàn lò. Òru ni mo fi gbọ́ ti ẹni àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan, kò síná, ọmọ mi ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kọ ọ́ tán, ọ̀gá jù ú sórí tábìlì lójú dẹ́rẹ́bà, ó ní "ìfẹ́ inú ara ẹ lo kọ yìí." Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí mo ti ń sìn ín! Ohun tí mo kọ rèé: "Ó ní ìrírí ọjà. Ó máa ń ka ọjà lálaalẹ́. Ó mọ ìṣirò. Ara rẹ̀ balẹ̀. 8 nínú 10." Kí ló burú níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Èmi náà lọ ṣe íntáfíù níbì kan rí, orúkọ ìjọ mi ni wọ́n bi mí jù. Mo dáhùn títí, wọn ò pè mí padà. Bóyá kí o máa wá iṣẹ́ mìíràn, ojú dẹ́rẹ́bà kọ́ ló yẹ kó ti bá ẹ wí.

Tíṣà Àgbà
Máàkì kan ṣoṣo fún ọ̀nà mẹ́rin? Ọ̀gá rẹ tọ̀nà. Ní ilé ìwé, a máa ń kọ ìdáhùn tó yẹ sílẹ̀ kí a tó ṣí ìwé ọmọ kankan. Máàkì 25 fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá sọ ohunkóhun lé lórí, òdo ni.

Agbanisíṣẹ́
Tíṣà, mo fara mọ́ ti kíkọ ìdáhùn sílẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n òdo yẹn léwu. Ọmọ ilé ìwé ní ìbéèrè níwájú. Nínú íntáfíù, ó lè jẹ́ pé àwa la ò béèrè. Ojú ibẹ̀ ni a máa kọ "a ò bi í" sí, a ò ní fi máàkì kankan síbẹ̀.

Àbúrò, ohun tí o kọ, èrò rẹ ni. Mi ò rí ohun tí ọmọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Jọ̀ọ́, padà sí ohùn náà, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an lórí kíka ọjà lálaalẹ́, àti ìṣẹ́jú tó ti sọ ọ́.

Akọ̀wé Bẹ́kìrì
Ìṣẹ́jú 9: "Níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, a máa ń ka fúláwà ní gbogbo alẹ́, wọ́n á wá kọ ọ́ sínú káàdì." Ohun tí mo kọ náà nìyẹn.

Agbanisíṣẹ́
Kì í ṣe ohun kan náà. Ó ní "a máa ń kà", ó ní "wọ́n á kọ ọ́". Ìwọ kọ "ó máa ń kà". Ta ló ń kà, ta ló ń kọ? Ó lè jẹ́ pé òun ló ń gbé àpò, tí ẹlòmíràn ń kọ káàdì. Ṣé o bi í pé "ìwọ fúnra rẹ ńkọ́"? Bí o kò bá bi í, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, kí o fi kún un pé iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ kò hàn. 2 nínú 5 ni èmi máa fún un lórí àkọsílẹ̀, kì í ṣe pé ó burú, ẹ̀rí ló kéré.

Ìyá Ìbejì
Hẹn-ẹn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ń sọ "a" kódà bí òun nìkan ló ṣe é. Ìtẹríba ni.

Agbanisíṣẹ́
Òótọ́ ni, Mà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi "a" yẹn gbà á tàbí kí a fi lé e dànù. Ìbéèrè kan péré ló máa yanjú rẹ̀.

Akọ̀wé Bẹ́kìrì
Ẹ ń le mọ́ mi. Ìṣirò ńkọ́? Ìyẹn ò ní "a" nínú. Mo ní: àpò 60 wà nílẹ̀ láàárọ̀, 25 wọlé, 38 jáde, wọ́n dá 2 padà láti ibi ìpòyẹ̀fun. Nígbà tí a kà á, 46 la bá. Ó ní ó yẹ kó jẹ́ 49, 3 ló dín. Ó gbà á pátápátá!

Tíṣà Àgbà
60 àti 25 jẹ́ 85, yọ 38, 47. Fi 2 kún un, 49. Ó gbà á. 5 nínú 5.

Akọ̀wé Bẹ́kìrì
Ẹ ṣeun, Sà. Ó kọ́kọ́ ní 47, pé 1 ló dín, ni mo bá ní "àwọn tí wọ́n dá padà ńkọ́?", ló wá tún un ṣe kíá. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà á.

Agbanisíṣẹ́
Áà! Àwọn méjì yòókù ńkọ́, ṣé o rán àwọn náà létí?

Ọmọ Lọ́yà
Kí ẹ tó lọ jìnnà, ṣé ó mọ̀ pé ẹ ń gba ohùn òun? Òfin ààbò dátà ti 2023 wà o. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Akọ̀wé Bẹ́kìrì
Mo sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n gbà. Ó wà níbẹ̀rẹ̀ ohùn náà.

Agbanisíṣẹ́
O kò dá mi lóhùn.

Akọ̀wé Bẹ́kìrì
Mi ò rán wọn létí. Obìnrin kan ní 47, mo kàn kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Ẹnì kẹta gba 49 fúnra rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ọmọkùnrin yẹn fara jọ àbúrò mi tó wà ní Ìlọrin ni.

Tíṣà Àgbà
Mo gba 5 mi padà.

Agbanisíṣẹ́
O ṣeun tó o sọ ọ́. Lórí ìwé, kọ ọ́ báyìí: "Ó ní 47. Lẹ́yìn tí a rán an létí, ó ní 49." Máàkì ohun tó sọ kó tó gbọ́ ohùn rẹ ni kí o fún un, ìyẹn 2. Obìnrin náà á gba 2 kan náà. Má fi kún un nítorí pé ó yára tún un ṣe, torí obìnrin náà kò rí àyè bẹ́ẹ̀.

Kí o tó tún gbọ́ ohùn kankan, kọ ohun tí máàkì dúró fún. Fún ọjà tó dín: 1 ni ẹni tó kàn ń wá ẹni tó máa dá lẹ́bi, 3 ni ẹni tó máa tún un kà tó sì máa wo káàdì, 5 ni ẹni tó máa kà á pẹ̀lú ẹlòmíràn, tó máa fi ìwé ọjà tó wọlé wé èyí tó jáde, tó máa sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, gbọ́ ìdáhùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìbéèrè kan kí o tó bọ́ sí òmíràn. Bí o bá gbọ́ ẹnì kan tán pátá, dídùn ohùn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ á máa mú ọ ṣàánú rẹ̀ títí dópin.

Tíṣà Àgbà
Èmi ò gbà. Ẹ yọ ìbéèrè ìṣirò kúrò fún gbogbo wọn, ó ti bàjẹ́.

Agbanisíṣẹ́
Ìyẹn á fìyà jẹ ẹnì kẹta tó gba á láìsí ìrànlọ́wọ́.

Tíṣà Àgbà
Kí wọ́n pè wọ́n padà, kí wọ́n fún wọn ní ìṣirò tuntun nígbà náà.

Akọ̀wé Bẹ́kìrì
Mo ti gbọ́ ti ọjà tó dín fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí. Ọmọkùnrin: "Màá tún un kà, màá wo káàdì." 3. Obìnrin náà, ìṣẹ́jú 14: "Màá pe ẹni tó kó ọjà jáde, àwa méjèèjì á jọ kà á, màá gbé ìwé tó wọlé àti tó jáde kalẹ̀, tí kò bá bára mu, ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú." 5. Nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, "kò dá mi lójú" nìkan ló wà níbẹ̀. Ti bó ṣe ń bá èèyàn lò, mi ò bi ìkankan nínú wọn. Lọ́la ni mo máa pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí fóònù, ìbéèrè ìyẹn àti ìṣirò tuntun kan. Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá pé mo rán ọmọkùnrin yẹn létí?

Agbanisíṣẹ́
Ó wà nínú ohùn tí ọ̀gá ní kí o gbọ́. Kọ ọ́ sójú ìwé kó tó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.