Fọ́tò bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n kan láti Ìpẹru: ohun tó hàn nínú ẹ̀ àti ohun tí ò hàn

Atúnẹ̀rọṣe, Òkè-Àjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ìrírí tèmi rèé.

Oníbàárà mi kan ní Ìpẹru ló ya fọ́tò bọ́ọ̀dù iná tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásàpù, nígbà tí Ojúde Ọba ku ọjọ́ díẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n náà ò tàn. Iná pupa kékeré iwájú ẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú, bọ́ọ̀dù sì ń dún tíkì-tíkì-tíkì. Oníṣẹ́ kan ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi, ó ti pààrọ̀ kàpásítọ̀ méjì tí orí wọn wú, síbẹ̀ nǹkan ò yí padà. Ìbéèrè tó bi mí ò ju ẹyọ kan lọ: "Bọ̀dá, èwo ló bàjẹ́ nínú gbogbo wẹ́wẹ́ yìí?"

Mo ní kó tún un yà lójú ọ̀sán, kó gbé fóònù sókè gangan, kí lẹ́tà funfun tó wà lára bọ́ọ̀dù lè ṣeé kà. Lẹ́tà yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kì í ṣe àwọ̀, kì í ṣe ìrísí. R ni rẹ́sítọ̀, C ni kàpásítọ̀, D ni dáyóòdù, Q ni tiransísítọ̀, U tàbí IC ni áísì. Lẹ́yìn ìyẹn, mo wá ibi tí wáyà iná ilé ti wọlé, mo sì tẹ̀ lé iná náà bó ṣe ń rìn.

Fíúsì ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Dáyóòdù mẹ́rin tí wọ́n dì sínú ike dúdú kan tẹ̀ lé e: iṣẹ́ tiwọn ni pé kí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa lọ sí apá kan ṣoṣo. Lẹ́yìn wọn ni kàpásítọ̀ tó sanra jù lọ lórí bọ́ọ̀dù, wọ́n kọ 100 µF àti 450 V sí i lára. Òun ló ń mú iná yẹn dúró kó má gbọ̀n. Tí iná ilé bá jẹ́ 230 fọ́ọ̀tì, èyí tó máa wà nínú kàpásítọ̀ yìí máa tó 325. Ó sì lè wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì, nítorí náà mo sọ fún un kó má fọwọ́ kan ibì kankan.

Áísì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan wà nítòsí tiransifọ́mà. Òun ló ń pàṣẹ fún tiransísítọ̀ ńlá tí wọ́n dè mọ́ irin alumíníọ̀mù, pé kó máa ṣí kó máa tì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ló jẹ́ kí tiransifọ́mà kékeré bẹ́ẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tó pọ̀. Ní òdìkejì tiransifọ́mà ni kàpásítọ̀ méjì tí wọ́n ti pààrọ̀ wà, 1000 µF, 25 V, tí wọ́n ń tọ́jú 12 fọ́ọ̀tì tó ń lọ sí bọ́ọ̀dù ńlá. Ojú ààlà àwọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wà, wọ́n kọ PC817 sí i lára. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń jíṣẹ́ fún áísì bóyá 12 ti pé tàbí kò pé, kí wáyà kankan má baà so ẹ̀gbẹ́ tó léwu mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí a ń fọwọ́ kàn.

Ibi tí ìdáhùn wà gan-an kéré púpọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ áísì yẹn, rẹ́sítọ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta tò lé ara wọn, 474 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni 47, ẹ̀kẹta ní kí a fi òdo mẹ́rin tẹ̀ lé e: 470,000 óòmù. Wọ́n pín in sí mẹ́ta kí ẹyọ kan má baà dá 325 fọ́ọ̀tì yẹn gbé. Iná tín-ín-rín tó gba inú wọn kọjá ń kán sínú kàpásítọ̀ kékeré kan, 22 µF, 50 V, bí ìgbà tí èèyàn gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Nígbà tó bá tó bíi 16 fọ́ọ̀tì, áísì á jí. Ohun tó wà nínú kàpásítọ̀ yẹn ni áísì á máa jẹ títí tiransifọ́mà fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Tí kàpásítọ̀ bá ti gbẹ, oúnjẹ á tán kí ti tiransifọ́mà tó dé. Tó bá ti já sí nǹkan bíi 10, áísì á sùn padà, gbogbo ẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Tíkì tí wọ́n ń gbọ́ nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí iná pupa fi ń ṣẹ́jú.

Nínú fọ́tò, orí kàpásítọ̀ 22 yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán. Kò sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó jẹ́ kí n fura ni pé ẹ̀gbẹ́ irin tó ń gbóná ni wọ́n gbé e sí, àti fídíò tí mo ní kó ṣe, nítorí tíkì yẹn yá jù. Pẹ̀lú àwọn rẹ́sítọ̀ yẹn, kàpásítọ̀ tó pé máa gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ kó tó kún. Ti bọ́ọ̀dù yìí ń dún lemọ́lemọ́. Ká ní ó ń dún díẹ̀díẹ̀ ni, mo máa kọ́kọ́ rò ó pé nǹkan kan ti ṣẹ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ 12 fọ́ọ̀tì.

Wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fi mítà yẹ ẹ̀gbẹ́ 12 wò, kò sí ṣẹ́ọ̀tì. Mo yọ 22 yẹn, mo wọ̀n ọ́n: 3 ló gbé wá. Mo fi tuntun sí i, èyí tí wọ́n kọ 105°C sí lára, ìlà tó wà lára ẹ̀ dojú kọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi àmì nẹ́gétíífù sí. Ó tàn.

Ọmọ Rẹ́mọ, Ṣágámù

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ti rí irú bọ́ọ̀dù yìí. Ti èmi, nígbà tí iná dé lójijì tó pọ̀ lápọ̀jù, fíúsì jó, kàpásítọ̀ aláwọ̀ búlúù pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sì là sí méjì. Mo kàn gé e jù nù, mo fi fíúsì tuntun sí i, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Torí náà, kàpásítọ̀ búlúù yẹn, wọn ò nílò ẹ̀.

Atúnẹ̀rọṣe, Òkè-Àjẹ

Àbúrò, òótọ́ ni pé ó máa ṣiṣẹ́ láìsí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kàpásítọ̀. Ẹ wo lẹ́tà abẹ́ ẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, ẹ ò ní rí C níbẹ̀. RV ni, tàbí VR, tàbí MOV. Ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ lè kọ 10D471 tàbí 14D471. Olùṣọ́ ni. Iná ilé tó dáa kì í gba inú ẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n tí fọ́ọ̀tì bá ga kọjá ààlà, á ṣílẹ̀ fún un, á fa iná púpọ̀ títí fíúsì fi máa jó. Ohun tó ṣe fún yín gan-an nìyẹn. Níbi tí wáyà nútírà òpópónà ti ń já ládùúgbò wa, tí 230 lè di nǹkan tó sún mọ́ 400, tẹlifíṣọ̀n yín ò ní olùṣọ́ mọ́. Ìgbà mìíràn tó bá ṣẹlẹ̀, kàpásítọ̀ 450 yẹn àti tiransísítọ̀ ló máa gbà á sára. Nǹkan náà ò wọ́n, ẹ ra á padà.

Búlúù míì tún máa ń wà lórí bọ́ọ̀dù kan náà, tó jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ ojú ààlà ló máa ń wà, ní tòsí PC817. Ìyẹn ni kàpásítọ̀ tòótọ́, ẹ máa rí Y1 tàbí Y2 lára ẹ̀. Àwọ̀ nìkan ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú fọ́tò.

Ìyá Aláṣọ, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Èmi ò mọ àísì, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo tèmi. Díkódà wa, tí mo bá fẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí irin ẹ̀ nígbà tó wà lórí iná, ó máa ń ta mí jìnnìjìnnì, pàápàá tí mo bá wà láìwọ bàtà. Ṣé kàpásítọ̀ ẹ̀ ló ti gbẹ? Ọmọ mi ní kí n jù ú nù.

Atúnẹ̀rọṣe, Òkè-Àjẹ

Mọ̀mọ́, ẹ má jù ú nù. Kì í ṣe èyí tó gbẹ. Kàpásítọ̀ Y tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn ló sábà máa ń fà á. Wọ́n fi síbẹ̀ láti pa ariwo tí bọ́ọ̀dù ń dá sílẹ̀, iná díẹ̀ bíńtín sì ń gba inú ẹ̀ jáde sára irin. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ò ní wáyà ilẹ̀ tí ìyẹn lè gbà lọ, ara yín ló ń gbà. Ìta jìnnìjìnnì lásán yàtọ̀ sí kó gbá èèyàn. Tó bá gbá yín tí ọwọ́ fà sẹ́yìn, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wọ bàtà o, Mọ̀mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tèmi le ju ti Ìpẹru lọ. Lórí bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n bàbá mi, rẹ́sítọ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tiransísítọ̀ ńlá ti jó dúdú. R4 nìkan ló ṣẹ́kù tó ṣeé kà, ìyókù ti di eérú. Mo ní 47 óòmù nílé, mo fẹ́ fi sí i, torí mo gbà pé R47 ló wà níbẹ̀.

Atúnẹ̀rọṣe, Òkè-Àjẹ

Dúró ná, àbúrò. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ R47, kì í ṣe 47. R yẹn ló dúró fún àmì tó pín nọ́ńbà: 0.47 óòmù. Inú ẹ̀ ni iná tiransísítọ̀ ń gbà kọjá, áísì sì ń wo fọ́ọ̀tì kékeré tó wà lórí ẹ̀ láti mọ̀ bóyá iná ti pọ̀ jù. Tí o bá fi 47 sí i, áísì á rò pé ó ti pọ̀ jù ní gbogbo ìgbà, tẹlifíṣọ̀n ò ní tàn. Ó sì lè má jẹ́ R47 rárá. R43 náà wà, òun pẹ̀lú lè jọ ọ́ nínú eérú. N ò ní méfò. Wá bọ́ọ̀dù tó ní nọ́ńbà kan náà, kí o kà á lára tirẹ̀.

Rẹ́sítọ̀ yẹn kì í sì í dá jó. Wọn tiransísítọ̀ ńlá yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti ṣẹ́ọ̀tì. Yẹ fíúsì náà wò.

Ọmọ Rẹ́mọ, Ṣágámù

Tí tiransísítọ̀ bá ti lọ, áísì náà ti lọ nìyẹn. Kó kúkú pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan.

Atúnẹ̀rọṣe, Òkè-Àjẹ

Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, rẹ́sítọ̀ kékeré tó wà láàárín wọn ló máa ń já tó sì gba áísì là. N ò lè sọ èyí tó jẹ́ láti inú fọ́tò. Àbúrò Àgọ́-Ìwòyè, ya ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù náà fún mi, kí n rí ibi tí ẹsẹ̀ áísì yẹn ń lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè

Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Tiransísítọ̀ ti ṣẹ́ọ̀tì lóòótọ́, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dún lórí mítà. Mo máa ya ẹ̀yìn ẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́, iná ò sí níbí báyìí.