Bọ́tìnnì Google kò mú olùkọ́ wa wọlé mọ́ lẹ́yìn tí íméèlì rẹ̀ yí padà

Akọ̀wé Iléèwé, Kábbà
Òkun o, ẹ̀yin ará. Sáìtì kan la fi ń ṣe èsì ìdánwò níléèwé wa, "Sign in with Google" ni gbogbo wa sì fi ń wọ̀ ọ́. Olùkọ́ ìṣirò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, wọ́n sì fi orúkọ ọkọ rẹ̀ sínú íméèlì iléèwé rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Láti ìgbà náà, tó bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, Google á gbà á, ṣùgbọ́n tó bá padà dé sáìtì, "No account found" ló ń rí. Máàkì kíláàsì mẹ́ta wà níbẹ̀. "Create account" wà nísàlẹ̀. Ṣé kó tẹ̀ ẹ́?

Tíṣà Ìyàrá
Kò le rárá. Ẹ lọ sí myaccount.google.com/connections, ẹ yọ sáìtì náà kúrò, kẹ́ ẹ tún wọlé. Google á tún béèrè àṣẹ, ẹ gbà, ó tán.

Ọmọ Mọ́pà
Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tẹ "Create account". Akántì òfìfo ló máa ṣí, àdírẹ́sì tuntun á sì ti so mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ ti àtijọ́, sáìtì á ní ẹlòmíràn ti ń lò ó.

Ohun tí Tíṣà sọ wúlò tó bá jẹ́ pé àṣẹ ni wọ́n gbà padà. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, Google kàn máa tún béèrè ìyọ̀ǹda ni. Tó bá sì jẹ́ pé ádímìnì tó ń bójú tó íméèlì iléèwé yín ló ti sáìtì náà pa, ojú ewé Google fúnra rẹ̀ lẹ máa ti rí "Error 400: admin_policy_enforced". Ti yín kọjá Google láìséwu, sáìtì ni kò dá a mọ̀.

Ẹ kọ íméèlì láti ibòmíràn sí àdírẹ́sì rẹ̀ àtijọ́. Tí wọ́n bá yí orúkọ padà lásán, Google Workspace á fi ti àtijọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ kejì, íméèlì náà á sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tó bá dé, kó lọ tẹ "Forgot password" lórí sáìtì, kó kọ àdírẹ́sì àtijọ́ síbẹ̀, líǹkì á bá a nínú àpótí tuntun.

Oníṣòwò Ẹ̀gbẹ̀
Tèmi náà rèé. Facebook tí mo fi ń wọ áàpù ọjà mi, wọ́n ti tì í pa. Tí mo bá fi nọ́ńbà kan náà ṣí òmíràn, ṣé áàpù á mọ̀ mí?

Ọmọ Mọ́pà
Kò ní mọ̀ yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mìíràn ni Facebook máa fún tuntun. Ká ní ẹ̀yin lẹ fúnra yín pa á rẹ́, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti wọlé kẹ́ ẹ sì fagi lé e. Èyí tí Facebook tì pa ní ọ̀nà ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀; ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ Akọ̀wé ná.

Akọ̀wé Iléèwé, Kábbà
Mo kọ ọ́, ó padà wá: "Address not found". Mo pe ọmọkùnrin tó ń bójú tó íméèlì wa. Ó ní òun kò yí orúkọ kankan padà, òun pa ti àtijọ́ rẹ́ ni, òun ṣí tuntun.

Adákóòdù, Ìsánlú
Ìdí abájọ nìyẹn. Google máa ń fún akántì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní `sub`, kì í yí padà bí íméèlì bá tilẹ̀ yí. Sáìtì tó mọṣẹ́ a máa wá ènìyàn báyìí:

```
SELECT user_id FROM logins
WHERE provider = 'google' AND sub = ?;
```

Akántì tuntun, `sub` tuntun. Kódà tí wọ́n bá ṣí i pẹ̀lú àdírẹ́sì àtijọ́ gan-an, kò ní bá a mu. Sáìtì tó bá ń fi íméèlì wá ènìyàn lè gbà á o, ṣùgbọ́n ewu ni: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fún ní àdírẹ́sì olùkọ́ tó ti lọ á bá ara rẹ̀ nínú máàkì olùkọ́ náà.

Ọmọ Mọ́pà
Ẹ yára, ogún ọjọ́ péré ni ádímìnì ní láti dá ẹni tó pa rẹ́ padà. Kó wọ admin.google.com, kó lọ sí Users, kó wá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa rẹ́, kó tẹ "Recover". Tó bá ti fi àdírẹ́sì àtijọ́ ṣe orúkọ kejì fún akántì tuntun, kó kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, torí àdírẹ́sì kan kò lè wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì.

`sub` àtijọ́ ló máa bá akántì yẹn padà, bọ́tìnnì á sì ṣiṣẹ́. Kí olùkọ́ wọlé, kó wa máàkì jáde, kó sì ṣe pásíwọ́ọ̀dù sórí sáìtì náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó fi orúkọ tuntun sí akántì tí wọ́n dá padà yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba orúkọ náà kúrò lórí èkejì. Kí wọ́n sì kó íméèlì tó ti wọ inú èkejì láti ọjọ́ Jímọ̀ pamọ́ kí wọ́n tó pa á.

Tíṣà Ìyàrá
Tí sáìtì náà kò bá gba pásíwọ́ọ̀dù ńkọ́?

Akọ̀wé Iléèwé, Kábbà
Èmi náà kò rí "Forgot password" níbẹ̀ o. Bọ́tìnnì Google nìkan ló wà.

Adákóòdù, Ìsánlú
Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni ín, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá `sub` ni wọ́n fi ń wá ènìyàn tàbí íméèlì. Tó bá jẹ́ íméèlì, ẹ má tíì yí orúkọ padà títí wọ́n á fi tún un ṣe lọ́dọ̀ tiwọn.