Kọ́mítì kan péré tí mo ṣẹ́rì-píìkì sórí rìlíìsì, gbèsè ₦5,000 bá di òfo

Ọmọ Òkè-Àje: Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí nígbà tí Ojúde Ọba tó kọjá ń bọ̀, torí ó ṣì ń dùn mí dòní. Àwa mẹ́ta la ń tọ́jú áàpù kan fún ìyá kan tó ń ta aṣọ fáwọn regbéregbé níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹgbẹ́ á mú aṣọ, oníkálukú á máa san tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá san tán áàpù á gbé rísíìtì jáde, rísíìtì yẹn ló sì máa mú wá gba aṣọ. Bíráńṣì gíìtì méjì la ní: `release/2.4` ló wà lórí sáfà, a ti fẹnu kò pé a ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí ọdún á fi kọjá, gbogbo iṣẹ́ tuntun wà lórí `main`.

Wàhálà tó dé ni pé báńkì ń yọ ₦50 lára owó tó ń wọlé, ẹni tó ti sanwó ẹ̀ pé á wá dà bí ẹni tó ṣì jẹ gbèsè ₦50, áàpù ò ní fún un ní rísíìtì, ariwo ti gba ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kejì mi tún un ṣe lórí `main`, ìlà kan péré, pẹ̀lú tẹ́ẹ̀sì ẹ̀:

```
if (balance <= 5000) markPaid(order);
```

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. `main` ti fi kọ́mítì tó lé ní ọgọ́ta ṣíwájú rìlíìsì, a ò sì lè kó gbogbo ìyẹn lé ìyá yẹn lórí lásìkò ọdún, ni mo bá ní kí n mú ẹyọ kan yẹn nìkan:

```
git switch release/2.4
git cherry-pick -x 7c1e9ab
```

Ó wọlé wẹ́rẹ́. Kò sí kọnfílíìtì, tẹ́ẹ̀sì kọjá, mo gbé e sórí sáfà.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin tó ń jókòó ní káńtà pè mí, ó ní "Bọ̀dá, ẹni tó san ₦20,000 nínú ₦25,000, kí ló dé tí rísíìtì ẹ̀ ń sọ pé ó ti san tán?" Àyà mi là gààràgà. Mo wo ìlà yẹn títí kí n tó rí i. Lórí `main`, a ti yí owó kúrò ní náírà sí kọ́bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, torí náà 5000 tó wà níbẹ̀, kọ́bọ̀ ni, ₦50 ló jẹ́. Lórí rìlíìsì, náírà la ṣì ń kà. Ìlà kan náà wá túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni tó bá jẹ ₦5,000 sísàlẹ̀, ó ti bọ́ nínú gbèsè. Tẹ́ẹ̀sì náà ò lè gbà wá, torí 5000 lòun náà fi dánwò, ó sì retí kó di sísan tán, bó sì ṣe rí nìyẹn lórí bíráńṣì méjèèjì. Ẹni mọ́kànlá ló ti gba rísíìtì ká tó mọ̀, mẹ́rin nínú wọn ti gbé aṣọ lọ.

Adé Ìpẹ̀rú: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu, torí ohun tí mo mọ̀ ni pé tí kọ́mítì tẹ́ ẹ mú bá gbára lé kọ́mítì mìíràn tí kò sí lórí rìlíìsì, gíìtì á fi kọnfílíìtì hàn yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bọ̀dá Ṣàgámù: Adé, ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kọnfílíìtì máa ń yọ tó bá jẹ́ ìlà kan náà tàbí ìlà tó fara tì í ni bíráńṣì méjèèjì ti yí padà. Gíìtì ò mọ owó, kò mọ kọ́bọ̀, ìlà ló mọ̀. Ó wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín kọ́mítì yẹn àti èyí tó ṣáájú ẹ̀, ó lọ fi ìyàtọ̀ yẹn sórí rìlíìsì. Ọmọ Òkè-Àje, inú fáìlì wo lẹ ti yí owó sí kọ́bọ̀?

Ọmọ Òkè-Àje: `order.js` ni bọ̀dá. Inú `payment.js` la ti tún ti ₦50 ṣe.

Bọ̀dá Ṣàgámù: Ohun tí mo rò náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe `git log --oneline release/2.4..main -- payment.js` kí wọ́n tó mú kọ́mítì, ó dáa, ó ń fi ohun tí rìlíìsì ò ní nínú fáìlì yẹn hàn. Àmọ́ tiyín yìí ò ní gbé kọ́bọ̀ jáde rárá, torí fáìlì mìíràn ló wà. Èmi, gbogbo orúkọ tó bá wà nínú ìlà tí mo fẹ́ mú, mo máa ń lọ wo ohun tó ń jẹ́ lórí rìlíìsì fúnra ẹ̀:

```
git grep -n balance release/2.4
```

Ẹ tọpa ẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ṣírò ẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé náírà ni. Tẹ́ẹ̀sì náà, ẹ má fi èyí tó tẹ̀lé kọ́mítì wá nìkan ṣe é, ẹ mú ọ́dà gidi kan lórí rìlíìsì tó jẹ ₦3,000, kẹ́ ẹ wò ó bóyá gbèsè yẹn ṣì dúró.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ṣé kọ́mítì tí kò dáa lẹ fẹ́ yọ kúrò lórí `main`? `git reset --hard` ni, kíá ló parí.

Bọ̀dá Ṣàgámù: Rárá àbúrò, `main` ò ní àrùn. Jọ̀ọ́, má ṣe `reset --hard` lórí bíráńṣì táwọn ẹlòmíì ti fà sórí kọ̀ǹpútà wọn.

Ìyá Ìbejì Àgọ́-Ìwòyè: Tèmi yàtọ̀ sí tiyín. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà kọ́mítì pé kí n mú un sórí rìlíìsì, gíìtì kọ̀, ó ní `is a merge but no -m option was given`. Mo fi `-m 1` sí i bí ẹnì kan ṣe wí, ló bá gbà, inú mi dùn. Nígbà tí mo ṣe `git show --stat`, fáìlì mẹ́jọ ló ti wọlé, bẹ́ẹ̀ ìlà méjì ni mo wá mú. Kọ́mítì mọ́ọ̀jì ni wọ́n fún mi, `-m 1` sì kó gbogbo ohun tí bíráńṣì yẹn gbé wá. Mo fagi lé e, mo wọ inú bíráńṣì yẹn lọ wá kọ́mítì tó tún bọ́ọ̀gì náà ṣe gan-an. Látìgbà yẹn n kì í gbé nǹkan sórí sáfà láìṣe `git show --stat`.

Ọmọ Òkè-Àje: Ẹ ṣé mà. Ohun tá a ṣe ni pé mo ṣe `git revert` lórí rìlíìsì, mo wá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ tuntun níbẹ̀ pé `balance <= 50`, mo sì kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ kọ́mítì pé náírà ni. `-x` tí mo fi sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ràn wá lọ́wọ́, torí ó kọ nọ́ńbà kọ́mítì ti `main` síbẹ̀, ẹnì kejì mi ò wá kiri kó tó mọ ibi tó ti wá. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn báyìí ni pé, tá a bá mọ́ọ̀jì rìlíìsì padà sí `main` ńkọ́?

Bọ̀dá Ṣàgámù: Kọnfílíìtì máa yọ lórí ìlà yẹn, 50 níbìkan, 5000 níbìkan, 5000 ti `main` ni kẹ́ ẹ mú. Ká ní bẹ́ ẹ ṣe mú un náà lẹ fi sílẹ̀ ni, méjèèjì á bára mu, ariwo ò ní sí.

Adé Ìpẹ̀rú: Àwa kì í tiẹ̀ mọ́ọ̀jì rìlíìsì padà. Orí `main` ni gbogbo àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, rìlíìsì á kàn gbà.

Ìyá Ìbejì Àgọ́-Ìwòyè: Àtúnṣe tẹ́ ẹ bá wá fi ìkánjú ṣe lórí rìlíìsì lóru ńkọ́? Ta ló máa rántí gbé e lọ sórí `main`? Mo fara mọ́ mímọ́ọ̀jì.

Ọmọ Òkè-Àje: Àwa náà ò tíì fẹnu kò lórí ìyẹn. Nínú àwọn mẹ́rin tó gbé aṣọ lọ, mẹ́ta ti wá san ìyókù. Ẹnì kan ní rísíìtì òun sọ pé òun ti san tán, ìyá sì ní òun ò ní bá a fa ọ̀rọ̀ náà mọ́.